Nígbà tí Omi Kọ̀ tí Kò Jáde Nínú Ẹ̀rọ Ìfọṣọ

Ẹni tó bá ti gbé Màídúgùrì láti oṣù Kejìlá wọ oṣù Kejì mọ̀ pé aṣọ funfun kì í pẹ́ ní funfun nílùú yìí. A ó wọ̀ ọ́ jáde ní òwúrọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti di aláwọ̀ erùpẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwa márùn-ún tí a jọ ń gbé ilé kan ní Máírì, nítòsí ọ̀nà Bámà, fi dá owó jọ láti ra ẹ̀rọ ìfọṣọ tòkunbọ̀ kan. Ó jẹ́ irú èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà níwájú, tó ń gba aṣọ oníwọ̀n kílò 7. Fún oṣù mẹ́rin, ayé rọ̀ wá lọ́rùn. A kò fi ọwọ́ fọ aṣọ mọ́, a sì ń yan fanda níwájú àwọn tó ń fọ tiwọn lẹ́bàá kànga.

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kìíní, a kó aṣọ sínú ẹ̀rọ náà. Aṣọ ẹbí ọ̀kan nínú wa wà níbẹ̀, èyí tó fẹ́ wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọjọ́ Sọ́ńdè. Ẹ̀rọ náà gba omi, ó fọ aṣọ, ó yí i síwá sẹ́yìn, ṣùgbọ́n nígbà tó yẹ kó da omi ìdọ̀tí nù, ó kàn ń kùn bí oyin ni. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, ó dákẹ́. Iná kékeré kan ń ṣẹ́jú lójú rẹ̀. A wo inú gíláàsì ilẹ̀kùn, omi pupa rúsúrúsú dé ìdajì, aṣọ ẹbí ń léfòó nínú rẹ̀. A fa ilẹ̀kùn, kò ṣí.

Oníṣẹ́ kan tí a pè lórí fóònù kò tilẹ̀ wá wò ó kó tó sọ pé pọ́m̀pù ti jóná, kí a wá owó pọ́m̀pù tuntun àti owó iṣẹ́ sílẹ̀. Owó tó dá tó oúnjẹ oṣù kan fún ẹni méjì nínú wa. Àìsówó ló jẹ́ kí a kọ́ ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ sọ fún yín yìí, nítorí pọ́m̀pù náà kò jóná rárá.

Kí a kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí omi ń gbà. Agbá méjì ló wà nínú ẹ̀rọ yìí. Èyí tí a ń rí, tó kún fún ihò wẹ́wẹ́, ni aṣọ ń wà. Èkejì wà lẹ́yìn rẹ̀, òun ló di omi mú. Ní ìsàlẹ̀ agbá ẹ̀yìn yìí ni rọ́bà kúkúrú kan tó nípọn wà, tó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá asẹ́ kékeré kan. Lẹ́yìn asẹ́ ni pọ́m̀pù wà. Láti ibi pọ́m̀pù ni rọ́bà gígùn ti ń gòkè lọ lẹ́yìn ẹ̀rọ, tí yóò sì jáde síta. Nítorí náà omi kì í ṣàn jáde fúnra rẹ̀ nínú irú ẹ̀rọ yìí. Pọ́m̀pù gbọ́dọ̀ tì í gòkè. Ibi mẹ́rin péré ni nǹkan ti lè dí: rọ́bà kúkúrú, asẹ́, abẹ̀bẹ̀ pọ́m̀pù, àti rọ́bà gígùn.

Ẹ̀rọ náà ní ohun kékeré kan tó ń fi ìtì afẹ́fẹ́ mọ ìwọ̀n omi tó wà nínú agbá. Bí omi bá ṣì wà, kò ní í jẹ́ kí agbá yí kíákíá láti fún aṣọ gbẹ, kò sì ní í jẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń sọ pé ẹ̀rọ àwọn kò fún aṣọ gbẹ mọ́, wọn a sì pe oníṣẹ́ wá tú mọ́tò, bẹ́ẹ̀ omi tí kò jáde gan-an ni àìsàn ibẹ̀.

Àwọn ẹ̀rọ tó ní ojú tí wọ́n ń kọ nǹkan sí máa ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fúnra wọn. Ti LG máa ń kọ `OE`, ti Samsung máa ń kọ `5E` tàbí `5C`, ti Bosch sì lè kọ `E18`. Ìtumọ̀ gbogbo wọn kò ju pé omi kò jáde láàárín àkókò tí ẹ̀rọ ń retí. Kò túmọ̀ sí pé pọ́m̀pù ti bàjẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí oníṣẹ́ kankan fi àmì yìí gba owó pọ́m̀pù lọ́wọ́ yín.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ wo bọ́tìnnì ẹ̀rọ yín dáadáa. Àwọn kan ní ètò tí ẹ̀rọ fi máa ń mọ̀ọ́mọ̀ dá omi ìṣanṣọ ìkẹyìn dúró kí aṣọ má baà rún. Bí ẹnìkan bá ti tẹ ètò yìí láìmọ̀, ẹ̀rọ kò ṣàìsàn. Kí ẹ tẹ ètò dída omi nù nìkan, omi á jáde. A mọ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó gbé omi jáde nínú ẹ̀rọ tirẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko kí ẹnìkan tó tẹ bọ́tìnnì yìí fún un. A kò ní í dárúkọ rẹ̀, nítorí òun náà yóò ka ìwé ìròyìn yìí.

Bí kì í bá ṣe ti bọ́tìnnì, etí ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ tẹ ètò dída omi nù, kí ẹ gbé etí sún mọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ níwájú. Ohùn mẹ́ta ni ẹ lè gbọ́. Bí pọ́m̀pù bá dákẹ́ pátápátá, bóyá iná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tàbí okùn inú rẹ̀ ti já. Bí ó bá ń kùn ṣùgbọ́n tí kò sí ìró omi, nǹkan ti di abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ mú kò lè yí, tàbí iná tó ń wọlé kò lágbára tó. Bí ó bá ń yí geerege, tí ẹ ń gbọ́ ọ tó ń lọ wuuu, ṣùgbọ́n tí omi kò jáde tàbí tó ń jáde tín-ín-rín, iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ pọ́m̀pù, ọ̀nà ló dí. Tiwa ń kùn.

Ọ̀rọ̀ iná yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfẹnusọ lásán ní ìlú wa. Láti oṣù Kìíní ọdún 2021, nígbà tí wọ́n ba àwọn òpó iná tó ń gbé iná wọ Màídúgùrì jẹ́, ni púpọ̀ nínú wa ti kọ́ láti máa fi jẹnẹrétọ̀ àti sólà gbé ẹ̀rọ. Mọ́tò pọ́m̀pù yìí kéré gan-an, kò ju nǹkan bíi wáàtì 30 lọ. Irin òòfà ló wà láàárín rẹ̀, iná tó ń lọ tó ń bọ̀ nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ló sì ń fà á yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Irú mọ́tò báyìí kì í fara balẹ̀ yí. Bí kò bá lè bá iná sáré, kò ní í yí rárá, á kàn máa gbọ̀n, á máa kùn. Bí jẹnẹrétọ̀ kékeré yín bá ń mú fóòtì 150 wá dípò 220, ohùn kan náà ni ẹ óò gbọ́ bí ìgbà tí nǹkan há sí i. A gbé tiwa sórí iná tó dára ní ilé aládùúgbò, ó ṣì ń kùn. Nígbà náà ni a mọ̀ pé kì í ṣe iná.

Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ àṣìṣe wa níbí. Nítorí aṣọ ẹbí tó wà nínú rẹ̀, ara ń gbóná mọ́ wa. A yọ púlọ́ọ̀gì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi méjì, a gbọ́ kịk, ilẹ̀kùn sì tú ara rẹ̀ sílẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló máa ń tú ilẹ̀kùn bí iná bá kúrò lára wọn fún ìgbà díẹ̀. Inú wa dùn, a fà á. Omi ya lu wá. Ó gba orí ẹní lọ, ó sì gba ọ̀dọ̀ bọ́ọ̀dù iná alátagbà tí a gbé sílẹ̀, tí fóònù mẹ́ta ń gba iná lórí rẹ̀. Ẹni tó sáré lọ pa iná láti orí ògiri ló gbà wá lọ́jọ́ náà. Bí omi bá ga ju ẹnu ilẹ̀kùn lọ, ẹ má ṣe ṣí i, bí ó ti wù kí aṣọ inú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n tó. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti gbé omi jáde.

Bí a ṣe ń gbé e jáde nìyí. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, kí ẹ sì gbé gbogbo ohun oníná kúrò nílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ omi gbígbóná ni ẹ fi ń fọ aṣọ, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tutù, nítorí omi aṣọ lè gbóná dé ìwọ̀n tó lè bó ènìyàn lára. Níwájú ẹ̀rọ, ní ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún lọ́pọ̀ ìgbà, ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ kékeré kan wà. Ẹ fi owó ẹyọ tàbí orí síbí ṣí i. Ẹ óò rí ìdérí róbótó kan tó tóbi bí ẹnu ife, òun ni orí asẹ́. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àwọn ẹ̀rọ kan ní rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n dí lẹ́nu. Ẹ fà á jáde, ẹ gbé abọ́ pẹrẹsẹ sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ yọ ìdí rẹ̀. Bí abọ́ bá kún, ẹ dí i padà, ẹ dà á nù, ẹ tún gbé e sí i.

Bí ẹ̀rọ yín kò bá ní rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ yìí, orí asẹ́ fúnra rẹ̀ ni ẹ óò máa yí díẹ̀díẹ̀ sí apá òsì. Yíyí ìdá mẹ́rin péré ti tó kí omi máa sun jáde. Ẹ má ṣe yọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan. Lítà 15 tàbí 20 lè wà nínú ẹ̀rọ náà, gbogbo rẹ̀ sì fẹ́ gba ihò kan ṣoṣo jáde. Tiwa, lẹ́yìn èyí tó ti dà sórí ẹní, kún garawa kan àti ààbọ̀. Ẹ ní sùúrù, ó lè gba ààbọ̀ wákàtí.

Nígbà tí omi tán, a yí orí asẹ́, kò yọ. A rọra ń yí i lọ yí i bọ̀ kó má baà ṣẹ́, nítorí ike ni. Nígbà tó yọ, ohun tó tẹ̀ lé e jáde yà wá lẹ́nu. Bọ́tìnnì méjì wà níbẹ̀, píìnì irun kan, ìdérí bíró, àti èèpo ẹ̀pà tí ẹnìkan gbàgbé sí àpò. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kọ́ ni ọ̀gá. Ọ̀gá ni ẹrẹ̀ dúdú kan tó rọ̀ mọ́ ìhùùhù òwú, tó lẹ̀ bí ẹ̀kọ tó dì, tí a sì fi ìka tẹ̀ tí yanrìn inú rẹ̀ ń ha wá lọ́wọ́.

Ibí gan-an ni Màídúgùrì ti yàtọ̀ sí Ìbàdàn. Àwọn ìwé tí wọ́n ń fún ènìyàn pẹ̀lú ẹ̀rọ yìí ń sọ̀rọ̀ nípa ìhùùhù òwú àti owó ẹyọ. Wọn kò mọ ọyẹ́. Eruku tó ń bò wá yìí ń wá láti ìhà àríwá ìlà-oòrùn, púpọ̀ rẹ̀ sì ń ti ibì kan tí wọ́n ń pè ní Bòdélé wá ní orílẹ̀-èdè Ṣáàdì. Ibẹ̀ jẹ́ ìsàlẹ̀ adágún ńlá kan tó ti gbẹ láti ayébáyé, nígbà tí adágún Ṣáàdì fẹ̀ ju bó ṣe wà lónìí lọ lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà. Afẹ́fẹ́ máa ń gba àárín àwọn òkè Tìbẹ́sítì àti Ẹ̀nẹ́dì wá, á há sí àárín wọn, agbára rẹ̀ á pọ̀ sí i, á sì gbọ̀n ilẹ̀ náà wá bá wa. Eruku yìí kúnná tó bẹ́ẹ̀ tó ń wọ àárín okùn aṣọ. Yanrìn tiwa níhìn-ín, tó nípọn jù ú, á dara pọ̀ mọ́ ọn láti ìsàlẹ̀ ṣòkòtò àti inú ìbọ̀sẹ̀.

Nínú omi tó ń yí, gbogbo rẹ̀ ń léfòó. Níbi tí omi bá ti fara balẹ̀, á jókòó. Asẹ́ jẹ́ ibi tí omi ti ń fara balẹ̀. Bí a bá tún lo ọṣẹ lúbúlúbú jù, èyí tí kò yọ́ tán á di lẹ́ẹ̀ tó so yanrìn àti òwú pọ̀. Àwa ń da ife ọṣẹ kan gbáko sí i nígbà kọ̀ọ̀kan, nítorí a rò pé ìdọ̀tí ọyẹ́ ń fẹ́ ọṣẹ púpọ̀. Ìdajì rẹ̀ ti tó. Ohun tí ìdọ̀tí ọyẹ́ ń fẹ́ ni kí a gbọn aṣọ dáadáa níta kí a tó kó o sínú ẹ̀rọ, kí a sì yí àpò ṣòkòtò síta.

Lẹ́yìn tí a fọ asẹ́ mọ́, a kò dá a padà kíá. A tan iná tọ́ọ̀ṣì sínú ihò rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún ni abẹ̀bẹ̀ pọ́m̀pù wà, ó kéré, ewé rẹ̀ mélòó kan. A fi ìka kan yí i. Ẹ kíyèsí èyí dáadáa: abẹ̀bẹ̀ tó ní ìlera kì í yí gbirigbiri bíi ti fáànù. Nítorí irin òòfà inú mọ́tò, á máa yí ní tọ́kítọ́kí, á dúró, á tún fò síbòmíràn. Ó tún máa ń ní àyè díẹ̀ tó fi ń mì lọ mì bọ̀ kó tó gbá mọ́tò mú, àyè yìí ló ń jẹ́ kí mọ́tò rí ìsáré kí ẹrù omi tó kàn án. Oníṣẹ́ tí kò mọ èyí á sọ fún yín pé ó ti há, ẹlòmíràn á ní ó ti já. Tiwa kò tilẹ̀ mì rárá. Òwú gígùn kan, irú èyí tó ń wà ní etí gèlè tí a kò ṣẹ́ létí, ti wé mọ́ ọrùn rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń wé òwú mọ́ kẹ̀kẹ́.

A fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń fa irun ojú fà á jáde ní kíkékèé. Ó gùn ju ọ̀pá apá kan lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, abẹ̀bẹ̀ ń yí tọ́kítọ́kí. A tún ti ìka sí ẹnu rọ́bà kúkúrú tó wá láti agbá, nítorí ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé tàbí áńkáṣíìfù lè gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn bọ́ sí ibẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. A nu ẹnu ihò mọ́ kí yanrìn má wà lára rẹ̀, nítorí yanrìn kan ṣoṣo lórí rọ́bà ìdérí tó kí omi máa jò. A sì dì í padà.

A rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. A da omi garawa kan sínú agbá, a tẹ ètò dída omi nù. Pọ́m̀pù kò kùn mọ́, ó ń lọ wuuu. A hó ìhó ayọ̀. Ṣùgbọ́n omi tó ń jáde níta tín-ín bí itọ̀ ọmọ ọwọ́, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta ẹ̀rọ tún dákẹ́, iná tún ń ṣẹ́jú. Ohùn kejì ti di ohùn kẹta. Ọ̀nà ló dí báyìí.

Ìdánwò garawa ló yanjú èyí. A tú rọ́bà gígùn kúrò níbi tó ti ń jáde síta, a gbé ẹnu rẹ̀ sínú garawa nílẹ̀, a sì tún tẹ ètò kan náà. Bí omi bá tú jáde wàà nígbà tí ẹnu rọ́bà wà nílẹ̀, tí kò sì tú bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà lókè, rọ́bà kò dí, a gbé e ga ju agbára pọ́m̀pù lọ ni, tàbí pọ́m̀pù ti ń rẹ̀. Bí ó bá ṣì tín-ín nílẹ̀, nǹkan dí nínú rọ́bà. Tiwa sàn díẹ̀ nígbà tó wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò tú. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a ní ẹ̀bi méjèèjì.

Nígbà tí a ra ẹ̀rọ náà, rọ́bà rẹ̀ kò gùn tó láti dé gọ́tà. A wá fi rọ́bà ìbomirin mítà mẹ́ta lé e, èyí tí inú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti ẹ̀rọ lọ, a fi okùn dì í, a sì gbà á kọjá orí fèrèsé, tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 140 láti ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ yìí ló ń sọ pé kí ibi tó ga jù lára rọ́bà má ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 100 lọ, kó má sì rẹlẹ̀ ju nǹkan bíi 60 lọ. Bí ó bá ga jù, pọ́m̀pù kékeré yẹn kò lè tì í. Bí ó bá rẹlẹ̀ ju omi inú agbá lọ, omi á máa fà ara rẹ̀ jáde bí ẹ̀rọ ṣe ń gbà á wọlé, fífọ aṣọ kò ní í parí láéláé. Àwọn kan tún máa ń ti ẹnu rọ́bà bọ inú páìpù jìnnà, wọn a sì dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pa kí òórùn má baà jáde. Ẹ fi àyè afẹ́fẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀.

A tú oríkèé rọ́bà méjèèjì. Níbi tí èyí tó fẹ̀ ti pàdé èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹrẹ̀ ti dì gbagidi, ó ti le bí ìkòkò amọ̀ tí oòrùn gbẹ. A tún rí òmíràn níbi tí rọ́bà ti sọ ikùn sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ. Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Lẹ́yìn tí pọ́m̀pù bá dákẹ́, omi tó kù nínú rọ́bà kì í jáde tán. Ó ń sùn sí ibi tó rẹlẹ̀, yanrìn inú rẹ̀ á jókòó, tí a bá sì fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbẹ kángbẹ, omi á fà lọ, ẹrẹ̀ á kù. Ìfọṣọ tó tẹ̀ lé e á tún fi tirẹ̀ lé e. Ara rọ́bà ẹ̀rọ sì rí kékeké bíi ti ọ̀fun ewúrẹ́, kéékèèké yìí ló ń di yanrìn mú.

A kì í fi irin gún irú rọ́bà báyìí, ó máa ń lu. A rẹ èyí tó jẹ́ ti ẹ̀rọ sínú omi gbígbóná lọ́wọ́ọ́wọ́ fún wákàtí kan, a ń tẹ̀ ẹ́ láti ìta títí ẹrẹ̀ fi fọ́, a wá fi ẹnu ẹ̀rọ omi tó ń sáré ti ẹ̀yìn fọ̀ ọ́ wá síwájú. Rọ́bà ìbomirin, a jù ú nù. A gbé ẹ̀rọ kúrò ní yàrá lọ sí ilé ìwẹ̀, níbi tí rọ́bà tirẹ̀ nìkan ti tó, a sì fi ìkọ́ gbé e rọ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 80. Nígbà tí a tún ṣe ìdánwò, omi lítà 10 kún garawa kí ìṣẹ́jú kan tó pé.

Ó ṣeé ṣe kí tiyín má rí bẹ́ẹ̀. Bí asẹ́ bá mọ́, tí abẹ̀bẹ̀ ń yí, tí rọ́bà là, tí iná sì dára, tí pọ́m̀pù ṣì dákẹ́, nígbà náà ni ọ̀rọ̀ pọ́m̀pù tuntun tó wọlé. Kí oníṣẹ́ yọ púlọ́ọ̀gì ẹ̀rọ, kó tú wáyà pọ́m̀pù, kó fi ẹ̀rọ ìwọnná wọn ẹnu méjèèjì. Okùn tó dára sábà máa ń fi nǹkan bí óòmù 100 sí 200 hàn. Bí kò bá fi nǹkan kan hàn, okùn ti já nínú. Bí okùn bá dára tí pọ́m̀pù kò sì ṣiṣẹ́, bóyá bọ́ọ̀dù tó ń darí ẹ̀rọ kò rán iná sí i, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ tiwa. Ẹ ní kó wọ̀n ọ́n níwájú yín. Bákan náà, bí agbá bá ti gbẹ pátá tí ẹ̀rọ ṣì ń sọ pé omi wà, kí ó wo rọ́bà tínrín tó ń gbé afẹ́fẹ́ lọ bá ohun tó ń mọ ìwọ̀n omi. Ẹrẹ̀ kan náà máa ń wọ ibẹ̀.

Àwọn tó ń lo ẹ̀rọ alágbá méjì, tí ìdérí rẹ̀ wà lókè, tó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tiyín rọrùn jù. Púpọ̀ nínú wọn kò ní pọ́m̀pù kankan. Nígbà tí ẹ bá yí bọ́tìnnì sí ibi dída omi, okùn kan ló ń fa ìdí agbá sókè, omi á sì ṣàn fúnra rẹ̀. Nítorí náà rọ́bà tiyín gbọ́dọ̀ sùn sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kó má gòkè níbikíbi. A ti rí ẹni tó gbé e kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ garawa gíga, tó ń bú ẹ̀rọ. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ fọ inú rẹ̀, ẹ yẹ ìsàlẹ̀ agbá wò bóyá òwú ti bo ihò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù fún àwọn tí ẹ̀rọ wọn wà nínú omi nígbà tí ìdídò Alau wó ní oṣù Kẹsán-án ọdún 2024, tí omi sì bo ọ̀pọ̀ àdúgbò ìlú yìí, tàbí tí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ tó lè ti là á kọjá. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn kékeré ìsàlẹ̀ yẹn kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá rí ẹrẹ̀ tó gbẹ lẹ́yìn ìdérí asẹ́, ní ìta rẹ̀ kì í ṣe nínú rẹ̀, ó túmọ̀ sí pé omi gba ìta wọ inú ara ẹ̀rọ náà. Fífọ asẹ́ kò lè wo ìyẹn sàn, nítorí wáyà àti mọ́tò ti mu níbẹ̀. Ẹ má ṣe ti púlọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ iná láti dán an wò.

Ní tiwa, agogo mẹ́sàn-án alẹ́ Sátidé náà ni a tó fún aṣọ ẹbí gbẹ. Ẹrẹ̀ tó ti jókòó sí i fún wákàtí mélòó kan ti fi àbàwọ́n pupa kan sílẹ̀ ní etí apá òsì, a sì fi ọwọ́ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó wọ̀ ọ́ lọ síbi ìgbéyàwó, ó ká apá rẹ̀ sókè. Láti ìgbà náà, a ti kọ orúkọ àwa márààrún sára ògiri ilé ìwẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé kejì nígbà ọyẹ́, àti lẹ́ẹ̀kan lóṣù nígbà òjò, ẹni tó bá kàn á yọ asẹ́, á fọ̀ ọ́, á sì fa rọ́bà sọ̀kalẹ̀ kí omi inú rẹ̀ lè jò tán.